Kí ni síńgù ọ́ríjìn, bùlẹ́ńdì àti sípẹ́ṣátì gíréèdì tí wọ́n ń kọ sára ọ̀rá kọfí?

Ìyá_Ìbejì_Tákíé:
Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí géètì Látẹ́ẹ̀kì níbí l'Ógbómọ̀ṣọ́, tíì, búrẹ́dì àti ẹyin la ń tà, àwọn ọmọ yunifásítì wá ń béèrè kọfí gidi tí wọ́n ń lọ̀, wọn ò fẹ́ ti inú sáṣẹ́ẹ̀tì mọ́. Àbúrò mi bá mi ra ọ̀rá méjì l'Ékòó, gíráàmù 250 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ síńgù ọ́ríjìn, Etiópíà, sípẹ́ṣátì gíréèdì sára ọ̀kan, ₦14,500 ni. Èkejì, bùlẹ́ńdì ni wọ́n kọ sí i, 100% Arábíkà, ₦8,000. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni gbogbo ẹ̀ túmọ̀ sí gan-an, ṣé ó sì yẹ kí owó wọn jìnnà síra tó báyìí?

Ọmọ_Ṣọ̀ún:
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjà mà. Ó rọrùn. Síńgù ọ́ríjìn ni ojúlówó, ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti kó o wá, ẹnikẹ́ni ò da nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Bùlẹ́ńdì, wọ́n ti lú u nìyẹn, èyí tí ò dáa ni wọ́n ń dà mọ́ èyí tó dáa kó lè pọ̀. Tí ẹ bá sì ti rí Arábíkà, sípẹ́ṣátì náà ni, Róbọ́stà ni kì í ṣe sípẹ́ṣátì. Ẹ máa ra síńgù ọ́ríjìn jàre.

Alàgbà_Ìsàlẹ̀_Afọ́n:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé sípẹ́ṣátì yẹn ni èyí tó le jù? Mo mu kọfí kan nílé ọmọ mi l'Ábújá, ojú mi là kalẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìyá Ìbejì, ẹ má tà á fún àgbàlagbà o.

Ayankọfí_Ìbàdàn:
Ẹ kú àárọ̀ Bàbá, ẹ kú ọjà mà. Kọfí yíyan niṣẹ́ tí mò ń ṣe n'Íbàdàn, mo sì kọ́ṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọ wò kí wọ́n tó fún un ní máàkì, torí náà ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára.

Bàbá, káfíìnì ló gba oorun lójú yín, sípẹ́ṣátì ò sì sọ nǹkan kan nípa ìyẹn. Irú igi kọfí méjì ni Arábíkà àti Róbọ́stà, káfíìnì inú Róbọ́stà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Arábíkà, nítorí náà kọfí olówó pọ́ọ́kú inú sáṣẹ́ẹ̀tì lè gba oorun lójú èèyàn ju sípẹ́ṣátì lọ. Ẹ má mu ún tí ọ̀sán bá ti pọ́n.

Ìyá Ìbejì, ohun tí kì í jẹ́ kó yé èèyàn ni pé ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn kì í ṣe ìpele kan náà tí ọ̀kan ga ju èkejì lọ. Síńgù ọ́ríjìn ń sọ ibi tó ti wá. Bùlẹ́ńdì ń sọ pé wọ́n pa á pọ̀. Sípẹ́ṣátì gíréèdì ń sọ bí kóró rẹ̀ ṣe dáa tó lọ́jọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí iná tó kàn án. Síńgù ọ́ríjìn wà tí kò dáa rárá, bùlẹ́ńdì sì wà tó jẹ́ sípẹ́ṣátì látòkè délẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ti Etiópíà yín. "Ibì kan" yẹn, báwo ló ṣe fẹ̀ tó? Tí ẹ bá ra èlùbọ́ tí wọ́n ní ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni, ẹ ò tíì mọ nǹkan kan. Tí wọ́n bá ní Ṣakí ni, ó sàn. Tí wọ́n bá dárúkọ abúlé àti ìyá tó bọ iṣu ọ̀hún, ọ̀rọ̀ ti dé ojú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti kọfí, kò sì sí ìwọ̀n kan tí gbogbo ayé fẹnu kò sí pé síńgù ọ́ríjìn gbọ́dọ̀ dín dé. Ẹlòmíì kọ ọ́ torí orílẹ̀-èdè kan ló ti wá, ẹlòmíì kọ ọ́ torí oko kan ṣoṣo ló ti wá, gbogbo wọn ló lẹ́tọ̀ọ́. Etiópíà sì tóbi. Kọfí Hárà tí wọ́n sá tòun ti èèpo ẹ̀ máa ń ní adùn èso, bíi pé èso ọ̀hún ti ń kan díẹ̀. Ti Yirgaṣẹ́fẹ̀ tí wọ́n bó tí wọ́n fi omi fọ̀ máa ń rùn bí òdòdó, ó sì máa ń kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá mu méjèèjì tẹ̀léra lè sọ pé wọn kì í ṣe igi kan náà. Tí wọ́n bá wá kọ Etiópíà nìkan, wọ́n lè ti pa kọfí ẹkùn márùn-ún pọ̀, irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Kódà ibi tí wọ́n dárúkọ ibùdó ìfọkọfí kan, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tí oko wọn ò tó nǹkan ló ń kó èso wá síbẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti ń di ọ̀kan.

Ẹ yí ẹ̀yìn ọ̀rá yẹn padà, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yàtọ̀ sí Etiópíà? Ṣé ẹ rí ẹkùn, ẹ rí bí wọ́n ṣe ṣe é, ẹ rí ọjọ́ tí wọ́n yan án?

Ọmọ_Ṣọ̀ún:
Ẹ̀gbọ́n, mo gbà lórí ibi tó ti wá, ṣùgbọ́n ẹ ò ní sọ pé kò sí ẹni tó ń fi bùlẹ́ńdì rẹ́ni jẹ.

Ayankọfí_Ìbàdàn:
Àbúrò, wọ́n ń ṣe é. Àpẹẹrẹ tó hàn jù ni ti Kọ́nà ní Hàwáì l'Ámẹ́ríkà. Kọfí Kọ́nà wọ́n gan-an ni, òfin ibẹ̀ sì gbà fún ọ̀pọ̀ ọdún pé tí 10% inú ọ̀rá bá ti jẹ́ Kọ́nà, ẹ lè kọ Kọ́nà bùlẹ́ńdì sára rẹ̀, 90% tó kù lè ti ibikíbi wá. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ bínú sí i títí. Nítorí náà tí ẹ bá rí bùlẹ́ńdì tó so orúkọ ibi olówó ńlá mọ́ra tí kò sọ iye ibẹ̀ tó wà nínú ẹ̀, ẹ fura.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, síńgù ọ́ríjìn náà kò bọ́. Ní 1996 ni ọwọ́ òfin tẹ ẹnìkan tó ń ra kọfí Kọsitá Ríkà àti Panamá, tó ń pààrọ̀ àpò, tó sì ń tà á bí ojúlówó Kọ́nà. Àwọn olóye nídìí kọfí rà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò mọ̀.

Èmi náà máa ń pa kọfí pọ̀, n ò sì fi lu ẹnikẹ́ni. Kọfí tí mo bá fi Bùràsíìlì ṣe ìdí ẹ̀ máa ń wúwo lẹ́nu, ó máa ń dùn bí ẹ̀pà yíyan, àmọ́ òórùn rẹ̀ kì í fò. Mo máa ń fi ti Etiópíà díẹ̀ sí i kí òórùn ọ̀hún lè yọ. Ìdí kejì ni pé kọfí lásìkò. Tí ti ibì kan bá tán tàbí òjò bà á jẹ́ lọ́dún kan, mo lè wá ibòmíì fi rọ́pò kí adùn má yí padà lẹ́nu oníbàárà. Ẹni tó ń ta kọfí tó ní mílíìkì lójoojúmọ́ bí Ìyá Ìbejì ṣe fẹ́ ṣe yìí, bùlẹ́ńdì tó dáa lè ṣe é láǹfààní ju òórùn òdòdó tí mílíìkì máa bò mọ́lẹ̀ lọ.

Arábíkà náà, irú igi ni. Bí a ṣe ń sọ pé máńgòrò yìí jẹ́ irú báyìí kò sọ pé kò jẹrà. Arábíkà tí wọ́n ń tà ní ọjà gbogbogbòò lágbàáyé pọ̀ jọjọ, tí kò sí nǹkan sípẹ́ṣátì kankan nínú ẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Tákíé:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo yí ẹ̀yìn ẹ̀ padà. Ti Etiópíà: wọ́n kọ Sídámà, fífọ̀, mítà 1,900 sókè, ọjọ́ tí wọ́n yan án wà níbẹ̀, kò tíì pé oṣù kan. Ti bùlẹ́ńdì: kò sí orúkọ ìlú kankan, ọjọ́ tí á bàjẹ́ nìkan ló wà, ó ku ọdún kan ààbọ̀. Sípẹ́ṣátì gíréèdì yẹn wá ńkọ́, ta ló ń fún wọn? Ṣé ìjọba ni?

Ayankọfí_Ìbàdàn:
Kì í ṣe ìjọba mà, kò sì sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lójú ọ̀rá. Ìlànà tí àwọn oníkọfí gbà láàárín ara wọn ni, àjọ SCA, ẹgbẹ́ àwọn oníkọfí sípẹ́ṣátì lágbàáyé, ló kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn atọ́wò tí wọ́n yege ìdánwò sì ń fi máàkì lélẹ̀ nínú 100. Bí a ṣe ń kà á láti ọjọ́ pípẹ́, tí kọfí bá gba 80 sókè, sípẹ́ṣátì ni. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ń lọ, torí ibẹ̀ lẹ máa ti rí ohun tí ẹ ń sanwó fún.

Wọ́n á wọn gíráàmù 350 nínú kóró tí wọn ò tíì yan, wọ́n á dà á sórí aṣọ dúdú lábẹ́ iná, wọ́n á máa ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Kóró tó dúdú pátá, kóró tó ti kan tó pọ́n, èyí tí olú ti wù lára ẹ̀, òkúta tàbí igi, kò gbọ́dọ̀ sí ẹyọ kan ṣoṣo. Àwọn àbùkù kéékèèké, wọ́n fàyè gbà wọ́n díẹ̀, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ ju márùn-ún lọ, wọ́n sì ní bí wọ́n ṣe ń kà á. Ká ní mo ṣa tèmi tán tí mo rí kóró 12 tó fọ́. Márùn-ún ló ń jẹ́ àbùkù kan, méjì nìyẹn, méjì tó kù ò kà. Mo tún rí 13 tí kòkòrò lu lára díẹ̀, mẹ́wàá ló ń jẹ́ àbùkù kan, ọ̀kan nìyẹn. Mo rí méje tí kò gbó tó, márùn-ún ló ń jẹ́ ọ̀kan. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ mẹ́rin, ó kọjá. Ṣùgbọ́n ká ní kò sí ọ̀kankan nínú gbogbo ìwọ̀nyẹn, tí mo wá rí kóró dúdú kan ṣoṣo, ó ti já nìyẹn.

Ẹ̀yìn ìyẹn la máa yan díẹ̀, kì í jinná ju, kí adùn ẹ̀ lè hàn, a ó lọ̀ ọ́ sínú ife márùn-ún, a ó da omi gbígbóná sí i. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni a ó fi sílẹ̀, èèpá á ti dì lójú ẹ̀, a ó fi ẹ̀yìn ṣíbí ya á, a ó gbé imú sún mọ́ ọn. Ibẹ̀ yẹn ni òórùn ti máa ń sọ púpọ̀. Lẹ́yìn náà la ó máa fi ṣíbí fà á sẹ́nu pẹ̀lú ariwo láti ìgbà tó gbóná títí tó fi tutù.

Nínú ìwé máàkì tí èmi kọ́, ọ̀nà mẹ́wàá ni máàkì pín sí. Méje nínú ẹ̀ ni òórùn, adùn, ohun tó ń kù lẹ́nu, bó ṣe ń kan, bó ṣe wúwo, bí gbogbo ẹ̀ ṣe bára mu, àti èrò atọ́wò fúnra ẹ̀. Mẹ́ta tó kù ni bóyá ife márààrún dọ́gba, bóyá ó mọ́ lẹ́nu, bóyá ó dùn, ife kọ̀ọ̀kan ló ń mú máàkì méjì wá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, èyí jẹ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ká ní kọfí kan gba 7.5 ní àwọn méje yẹn, 52.5 nìyẹn, pẹ̀lú 30, ó di 82.5. Sípẹ́ṣátì ni. Ká wá ní ife kan nínú márùn-ún rùn bí aṣọ tó bu. Ó pàdánù méjì torí kò dọ́gba, méjì torí kò mọ́ lẹ́nu, wọ́n á tún yọ mẹ́rin fún àbùkù tó le. Ó di 74.5. Ó lè jẹ́ kóró kan péré tó bàjẹ́ ló wọ inú ife yẹn. Ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ fi ń ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan, owó ìṣà yẹn wà lára ₦14,500 yín.

Àkànní_Kàbà:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé ṣùgbọ́n ọmọ Kàbà ni mí, bàbá mi ní kọfí lóko, Róbọ́stà ni. Àwọn oníṣòwò tó ń wá rà á kì í bi wá ní nǹkan kan, wọ́n kàn ń wọ̀n ọ́n lápò. Tí mo bá gbọ́ yín yé, tiwa ò lè jẹ́ sípẹ́ṣátì láéláé nìyẹn?

Ayankọfí_Ìbàdàn:
Ó lè jẹ́ kọfí tó dáa gan-an, àmọ́ orúkọ ẹ̀ á yàtọ̀. Ìlànà ọ̀tọ̀ wà fún Róbọ́stà, fáìnì Róbọ́stà ni wọ́n ń pè é, òun náà 80 ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibi tí Àbúrò wa Ọmọ Ṣọ̀ún ti sọ ọ́ tọ́ díẹ̀ nìyẹn. Kò sóhun tó ṣe igi yín, bí ẹ ṣe ń kó o ni kí ẹ sọ fún mi. Ṣé ẹ máa ń bọ́ gbogbo ẹ̀ka pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ti pupa ti tútù? Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ ti ń sá a?

Àkànní_Kàbà:
Lẹ́ẹ̀kan náà ni, torí owó alágbàṣe. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ la ti ń sá a, ìgbà míì òjò á ká a mọ́bẹ̀.

Ayankọfí_Ìbàdàn:
Èyí tí kò pọ́n ló ń mú kó korò bí ewúro tó sì ń gbẹ èèyàn lẹ́nu, èyí tí òjò ká mọ́lẹ̀ ló ń rùn bí aṣọ bíbu. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ lára igi díẹ̀: pupa nìkan, ẹ lé e sórí àtẹ tó ga kúrò nílẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́, ẹ máa yí i lóòjọ́, ẹ bò ó lálẹ́. Kó gbẹ dé ibi tí omi inú ẹ̀ bá wà láàárín 10% sí 12%. Àwọn ará CRIN, àjọ tó ń ṣèwádìí kòkó ní Ìdí-Àyúnrẹ́, kọfí wà lára iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣèwádìí lé lórí, ẹ lè béèrè ibi tí wọ́n á ti bá yín wọn omi ara ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wá ẹni tó máa rà á lọ́tọ̀ ná kẹ́ ẹ tó náwó sí i, torí ẹni tó ń wọ̀n ọ́n lápò ò ní fi kọ́bọ̀ lé e.

Títílọlá_Àrádà:
Ẹ̀gbọ́n Ayankọfí, mo fẹ́ bá yín jiyàn díẹ̀. Mo ti ṣiṣẹ́ nílé kọfí kan rí, mo rí ọ̀rá tí wọ́n kọ 84 sí, ó ti pẹ́ lórí kátà lójú oòrùn, epo ń yọ lára ẹ̀, ìgbà tí a pò ó ó dà bí èédú. Máàkì yẹn wá wúlò fún kí ni? Mo sì gbọ́ pé àwọn SCA fúnra wọn ti ń yí ìwé máàkì yẹn padà.

Ayankọfí_Ìbàdàn:
Òótọ́ lẹ sọ, n ò ní bá yín jiyàn lórí ìyẹn. Máàkì yẹn, ti kóró tí wọn ò tíì yan ni. Ayankọfí lè ba kọfí 86 jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, gbígbé e sójú oòrùn sì lè pa ìyókù. Tí kóró bá dúdú tó ń dán fún epo, iná ti le jù lórí ẹ̀, òórùn ìlú tó ti wá ti jóná, a ò lè mọ̀ bóyá ti Sídámà ni tàbí ti ibòmíì. Nítorí náà ọjọ́ tí wọ́n yan án ni mo máa ń wò kí n tó wo gíréèdì. Ọ̀sẹ̀ kan sí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn yíyan, tí ọ̀rá bá dé dáadáa, ó ṣì wà nínú ara ẹ̀. Ọjọ́ tí á bàjẹ́ tí wọ́n fi ọdún kan ààbọ̀ sí ò sọ ìgbà tí adùn ti lọ.

Ti ìwé máàkì, bẹ́ẹ̀ ni. Láti 2023 ni SCA ti ń gbé ìlànà tuntun jáde, wọ́n pín in: bí kọfí ṣe rí lẹ́nu lọ́tọ̀, bí ó ṣe wu atọ́wò lọ́tọ̀, ibi tó ti wá àti ìtàn ẹ̀ náà ní ààyè tiẹ̀. Àwọn kan láàárín wa ní ó dáa bẹ́ẹ̀, torí ohun tó wu ẹni tó wà ní Yúróòpù lè má wu ẹni tó wà níbí. Àwọn kan ní tí 80 bá ti kúrò, ẹnikẹ́ni á lè kọ sípẹ́ṣátì sí ohunkóhun. Èmi ṣì ń fi 80 ra ọjà, torí òun ni ẹni tó ń tà á fún mi mọ̀.

Títílọlá_Àrádà:
Èmi rò pé ó yẹ kí wọ́n kọ máàkì àti ọdún tí wọ́n kó o sára ọ̀rá, kí wọ́n yéé kọ gíréèdì lásán. Gíréèdì láìsí nọ́ńbà, ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́jà ni.

Ọmọ_Ṣọ̀ún:
Ta ló máa yẹ nọ́ńbà yẹn wò tí wọ́n bá kọ ọ́ tán? Ẹni tó lè purọ́ gíréèdì lè purọ́ 84.

Ayankọfí_Ìbàdàn:
Ìyẹn náà ò rọrùn láti dáhùn. Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká fi ẹnu yín yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ lọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kì í kúnná jù, ẹ wọn gíráàmù 11 sí ife mílílítà 200, ẹ da omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná sí i, kó fara balẹ̀ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó dà á, ẹ má fi ṣúgà tàbí mílíìkì sí i. Ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹ fi ṣíbí ya ojú ẹ̀, ẹ gbọ́ òórùn, ẹ kó ìfófòó kúrò, ẹ tọ́ ọ wò nígbà tó bá lọ́wọ́ọ́rọ́, kẹ́ ẹ tún tọ́ ọ wò nígbà tó bá tutù pátá. Kọfí tó dáa kì í sá nígbà tó bá tutù, adùn ẹ̀ máa ń yọ sí i. Àbùkù tí ooru bò mọ́lẹ̀, òtútù ló ń tú u síta.

Ìyá_Ìbejì_Tákíé:
Mo ti ṣe é lónìí, èmi àti ọmọ tó ń bá mi tajà. Ti Sídámà, nígbà tí mo ya ojú ẹ̀ òórùn kan jáde bíi ti òdòdó ọsàn, ó kan díẹ̀ lẹ́nu, ìgbà tó tutù ó ń dùn sí i, ọmọ yẹn ní ó dà bíi pé a fi oyin sí i. Ti bùlẹ́ńdì, nígbà tó gbóná kò burú, ó wúwo, ìgbà tó tutù ó ń rùn bí ẹ̀pà tó ti pẹ́ nínú ìgò, ó sì ń korò sẹ́yìn ọ̀nà ọ̀fun. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo da mílíìkì sí i, ti bùlẹ́ńdì ló dùn lẹ́nu àwa méjèèjì, ti Sídámà pòórá.

Ayankọfí_Ìbàdàn:
Ẹ̀pà tó ti pẹ́ yẹn, ó ti pẹ́ látìgbà tí wọ́n yan án ni, epo inú ẹ̀ ti ń dojú rú. Bùlẹ́ńdì tó bá ṣì tutù, ẹ ò ní rí ìyẹn. Ẹ ní kí àbúrò yín bi ẹni tó tà á pé ìlú wo àti ìlú wo ló wà nínú ẹ̀, ìgbà wo ni wọ́n yan án. Tí wọn ò bá lè dáhùn, ẹ wá bùlẹ́ńdì tó ní ọjọ́ yíyan lára fún ti mílíìkì, kẹ́ ẹ fi Sídámà sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ dúdú, kí ẹ sì gba owó tó yàtọ̀ lórí ẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Tákíé:
Wọ́n ti dá a lóhùn. Wọ́n ní Bùràsíìlì àti Etiópíà ni, wọn ò rántí ìgbà tí wọ́n yan án. Màá parí èyí tó wà lọ́wọ́ pẹ̀lú mílíìkì, màá wá ẹlòmíì. Àkànní, tí ti bàbá yín bá jáde lọ́jọ́ kan, ẹ mú díẹ̀ wá fún mi kí n tọ́ ọ wò.

Àkànní_Kàbà:
Ẹ ṣé mà. Mo ti pe bàbá, wọ́n ní ta ló máa san owó ẹni tó ń ká pupa nìkan. Mò ń ro ó.